Nígbà tí Asúráńsì Bá Sanwó Tán, Ta Ni Ó Ni Ẹjọ́?



Ẹnikẹ́ni tí ilé-iṣẹ́ asúráńsì bá ti sanwó àtúnṣe ọkọ̀ fún rí yóò rántí ìwé kan tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí. Kítáńsì súbúrógatífù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí pé owó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú wa ń wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí ó ti mú kí àwọn kan pàdánù owó tí ó tọ́ sí wọn, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fọwọ́ sí i, bí kò ṣe nítorí ìwé mìíràn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣáájú rẹ̀ lábẹ́ igi, níwájú àwọn àgbà, nígbà tí wọ́n rò pé àánú lásán ni àwọn ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ni súbúrógásíọ̀n.

Láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá. Láyé àwọn ará Róòmù, bí ẹni tí ó wà ní ipò oyè bá kúrò níbẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, wọn a yan ẹlòmíràn dípò rẹ̀, yíyan ènìyàn dípò ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀. Nínú òfin asúráńsì, ipò oyè kọ́ ni a ń sọ mọ́. Ipò ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni. Èmi yóò pè é ní ìgbapò ẹ̀tọ́ nínú àlàyé yìí, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ gbèsè wò ó ná. Ọ̀rẹ́ rẹ kan jẹ ọ́ ní owó. O nílò owó náà lónìí, òun kò sì ní i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ bá dá sí i, ó ka iye owó náà fún ọ, ó ní, “Gba èyí, èmi ni yóò lọ gba tèmi lọ́wọ́ rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ jẹ ní gbèsè mọ́. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, tí ó dọ̀bálẹ̀, tí o wá sọ pé o ti fi owó náà jì í, ohun tí kì í ṣe tìrẹ mọ́ ni o fi tọrẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó san owó náà ni o ti sọ bẹ́ẹ̀, tí o sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un, kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù tí yóò lọ gbà. Gbogbo ìṣòro tí a fẹ́ sọ lónìí wà nínú ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí.

Ìwé òfin kan náà ni ó ń darí asúráńsì ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Òfin Símà ni a ń pè é, èyí tí ó ti inú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yàúndé ní oṣù keje ọdún 1992 jáde, láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Faransé. Nítorí náà, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Atakpamé, ìlànà kan náà ni. Abala 42 nínú ìwé náà ni ó sọ̀rọ̀ ìgbapò ẹ̀tọ́. Ó ní asúráńsì tí ó bá ti sanwó fún oníbàárà rẹ̀ gba ipò oníbàárà náà, títí dé iye owó tí ó san, nínú ẹ̀tọ́ àti ẹjọ́ tí oníbàárà náà ní lórí ẹni tí ó fa òfò náà. Ẹ fi ojú sí “títí dé iye owó tí ó san” yẹn, nítorí a óò padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí á gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Obìnrin oníṣòwò aṣọ kan ní Kétu ní ọkọ̀ tí ó fi ń kó ọjà. Ó san asúráńsì onígbogbo-ewu, èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní tù-rísìkì. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ dúró létí ọjà Pọ́bẹ̀, àwọn ènìyàn ń kọjá níwájú rẹ̀, ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó sìmẹ́ńtì bá fi imú gbá a lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Awakọ̀ méjèèjì kọ kọ́ńsítà, wọ́n fọwọ́ sí i, obìnrin náà sì fi ránṣẹ́ sí asúráńsì rẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tó pé, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Asúráńsì rán ẹ̀kìsípẹ̀ẹ́ láti wá wo ọkọ̀ náà. Ó ṣírò àtúnṣe rẹ̀ sí 1.200.000 fáráńkì. Nínú àdéhùn obìnrin náà, firáńsíìsì wà, èyíinì ni apá òfò tí oníbàárà yóò fi ara rẹ̀ gbé, 150.000 fáráńkì ni. Nítorí náà, asúráńsì san 1.050.000 fún un. Ní gbogbo ọjọ́ ogún tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ àwọn atúnkọ̀ṣe, obìnrin náà háyà ọkọ̀ mìíràn ní 15.000 lójúmọ́, ó jẹ́ 300.000. Àdéhùn rẹ̀ kò bo ìyẹn.

Bí a bá ro gbogbo òfò rẹ̀ pọ̀, 1.500.000 fáráńkì ni jàǹbá náà mú lọ. Èyí sì ni ẹ̀tọ́ tí ó ní lórí olówó ọkọ̀ akẹ́rù náà láti ọjọ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí asúráńsì san 1.050.000, ẹ̀tọ́ yìí pín sí méjì. Èyí tí ó tó 1.050.000 ṣí lọ sọ́wọ́ asúráńsì. Èyí tí ó kù, 450.000, tí í ṣe firáńsíìsì àti owó ọkọ̀ tí ó háyà, wà lọ́wọ́ obìnrin náà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé nígbà tí asúráńsì bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo ẹjọ́ ti di tirẹ̀, wọn a sì jókòó. Asúráńsì kì í sáré gba ohun tí kò san. Bí obìnrin náà kò bá kọ̀wé béèrè 450.000 yìí, tàbí kí ó bẹ asúráńsì rẹ̀ pé kí ó bá òun béèrè rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e wá sílé fún un. Àwọn àdéhùn kan wà tí asúráńsì ti ń ṣe irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Ó yẹ kí ẹ wò ó bóyá ó wà nínú tiyín.

Ọ̀dọ̀ ta ni asúráńsì yóò wá lọ? Òfin Símà sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ lójú pópó láti ní asúráńsì tí yóò san òfò tí ọkọ̀ náà bá dá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ asúráńsì ọkọ̀ akẹ́rù náà ni lẹ́tà yóò kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà kọ́ńsítà, ìwé ẹ̀kìsípẹ̀ẹ́ àti kítáńsì tí obìnrin náà fọwọ́ sí. Kítáńsì yẹn ni ẹ̀rí pé asúráńsì ti sanwó, àti iye tí ó san. Òun kọ́ ni ó fún asúráńsì ní ẹ̀tọ́. Sísan owó náà fúnra rẹ̀ ni ó fún un. Ìwé náà kàn ń jẹ́rìí ni. Bí ọkọ̀ akẹ́rù náà kò bá ní asúráńsì, olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọn yóò kọjú sí. Bí wọn kò bá sì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, asúráńsì ni ó pàdánù. Wọn kò lè padà wá bá obìnrin náà pé kí ó dá 1.050.000 padà.

Àmọ́ asúráńsì tí ó gba ipò kò lè ní ju ohun tí ẹni tí ó gbapò rẹ̀ ní lọ. Bí obìnrin náà bá ní ẹ̀bi tirẹ̀, ẹ̀bi náà bá ẹ̀tọ́ náà lọ. Bí àkókò òfin bá ti ń lọ lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ó ti kọjá kò padà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé asúráńsì ni ó gba a. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ obìnrin náà ti kú, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú nígbà tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀, tí wọ́n wá pinnu pé ìdá mẹ́ta ẹ̀bi ni kí á pín, kí ó gbé ìdá kan nínú rẹ̀. Dípò 1.500.000, 1.000.000 ni olówó ọkọ̀ akẹ́rù yóò san. Owó náà kò tó fún àwọn méjèèjì mọ́: asúráńsì ń wo 1.050.000 tirẹ̀, obìnrin náà ń wo 450.000. Ta ni yóò kọ́kọ́ bu tirẹ̀?

Ìwé òfin gbogboogbò tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé ti dáhùn nínú abala 1252 rẹ̀: ìgbapò kò gbọdọ̀ pa ẹni tí a san apá kan owó rẹ̀ lára, òun ni yóò kọ́kọ́ gba èyí tí ó ṣẹ́kù fún un. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí, obìnrin náà yóò mú 450.000, asúráńsì yóò sì mú 550.000. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn láti rí: kò bójú mu kí ẹni tí ó gba owó asúráńsì ọdọọdún láti gbé ewu wá máa bá ẹni tí ó gbé ewu náà lé e lọ́wọ́ du owó tí kò tó. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn lè fi àdéhùn yí ìlànà yìí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ ka kítáńsì. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ẹ gbé “gbogbo ẹ̀tọ́” yín lórí jàǹbá náà fún asúráńsì, láìsí iye kan, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ iye tí wọ́n san, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ yín lórí firáńsíìsì àti òfò tí wọn kò san ṣì wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ìjà. Gbólóhùn kan ni.

Wàyí o, a dé ibi tí ó gbóná jù. Ní ọjọ́ kẹta jàǹbá náà, kí asúráńsì tó san kọ́bọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Kétu. Kò dá wá. Ó mú àgbà méjì lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àna ẹ̀gbọ́n obìnrin náà. Wọ́n jókòó, wọ́n kí, wọ́n mu omi. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ọmọ kékeré ni awakọ̀ náà. Ẹ gba 200.000 yìí fi ṣe owó ìtùnú.” Ìwé pélébé kan sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ti tẹ̀, tí ó sọ pé obìnrin náà ti gba owó tí ó parí gbogbo ìṣirò, àti pé kò ní ẹjọ́ kankan mọ́ pẹ̀lú awakọ̀ náà tàbí olówó ọkọ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ bí ó ti ṣòro tó láti kọ̀ fún àna níwájú ilé ẹni? Obìnrin náà lè fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọkàn mímọ́.

Bí ó bá fọwọ́ sí i, ohun tí ó ta ní 200.000 jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó tó 1.500.000. Kò sì parí síbẹ̀. Gbólóhùn kejì nínú abala 42 sọ pé bí ìgbapò kò bá lè ṣeé ṣe fún asúráńsì mọ́ nítorí ohun tí oníbàárà ṣe, a lè tú asúráńsì sílẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀ sí oníbàárà náà, yálà lápá kan tàbí ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí asúráńsì obìnrin náà bá kọ̀wé sí asúráńsì ọkọ̀ akẹ́rù, ìwé pélébé yẹn ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Òun náà yóò wá yíjú sí obìnrin náà, yóò ní, “Ìwọ ni ó ti ọ̀nà náà pa mọ́ mi,” yóò sì di 1.050.000 mú, tàbí kí ó béèrè rẹ̀ padà bí ó bá ti san án. Obìnrin náà yóò wá rí i pé 200.000 ìtùnú ni ó kù lọ́wọ́ òun fún ọkọ̀ tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 1.200.000.

Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí asúráńsì ti sanwó ni wọ́n wá bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹ̀tọ́ lórí 1.050.000 kò sí lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́, kò sì lè fi jì. Ìwé tí ó bá fọwọ́ sí kò ní kan asúráńsì, bí ọ̀gá ọkọ̀ akẹ́rù bá ti mọ̀ pé asúráńsì ti gba ipò. Nítorí náà ni àwọn asúráńsì fi máa ń yára kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí wọ́n bá ti sanwó: kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lọ́la pé òun kò mọ̀, òun ti fi gbogbo ọkàn bá olówó ọkọ̀ parí rẹ̀. Bí obìnrin náà bá sì gba owó àtúnṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́wọ́ asúráńsì àti lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, yóò dá ọ̀kan padà.

Ṣé kí á wá lé àwọn àgbà sẹ́yìn ni? Rárá. Ìdáríjì kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú ìfagilé gbèsè, àwa sì ni a máa ń pò wọ́n pọ̀. Obìnrin náà lè gba ẹ̀bẹ̀, kí ó má bínú sí ọmọdé awakọ̀ náà, kí wọ́n sì jẹun pọ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ pé ẹjọ́ ti tán kí ó tó sọ fún asúráńsì rẹ̀, kí asúráńsì náà sì gbà nínú ìwé. Bí àwọn àgbà bá ní dandan ni kí ìwé kan wà, kí ó kọ ọ́ báyìí: “Mo gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Mo gba 200.000 fáráńkì lórí firáńsíìsì mi àti owó ọkọ̀ tí mo háyà nìkan. Èyí kò kan ẹ̀tọ́ asúráńsì mi, kò sì parí ohun tí ó kù fún mi.” Ìwé yìí kò tàbùkù ẹnikẹ́ni, 250.000 tí ó ṣẹ́kù fún un sì wà síbẹ̀. Kí á sọ ọ́ kedere pẹ̀lú pé kọ́ńsítà kò sí lára ìwé tí mo ń kìlọ̀ lé lórí. Kọ́ńsítà ń sọ bí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Kò fi nǹkan kan ji ẹnikẹ́ni. Ẹ máa kọ ọ́.

Àna tí mo mẹ́nu bà yẹn rán mi létí apá tí ó kẹ́yìn nínú abala 42, tí ó sì wù mí jù. Òfin náà sọ pé asúráńsì kò gbọdọ̀ lo ìgbapò lòdì sí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ oníbàárà rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti òbí àgbà, àwọn àna rẹ̀ ní ìlà tààrà, àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé nínú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, àfi bí ẹni náà bá mọ̀ọ́mọ̀ fi èrò ibi ṣe é. Bí dírẹ́bà obìnrin yìí bá fi ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ògiri, tàbí tí ọmọ rẹ̀ bá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ gbá a nínú àgbàlá, asúráńsì tí ó bá san òfò náà kò lè lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé inú àpò kan náà ni owó ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde: bí asúráńsì bá fi ọwọ́ ọ̀tún fún ìyá, kí ó má ṣe fi ọwọ́ òsì gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹbí tí òfin ń sọ kéré ju ẹbí tí àwa ń pè ní ẹbí lọ. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sí nínú àwọn tí ó dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò. Àbúrò tí ó ń gbé nínú ilé rẹ ní Kétu wà lábẹ́ ààbò yìí nítorí ilé, kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀. Àbúrò tí ó ń gbé ní Àjàṣẹ́, tí ó wá kí ọ lọ́dún, tí ó sì fi mọ́tò tirẹ̀ ba ọkọ̀ rẹ jẹ́, àjèjì ni lójú abala 42. Asúráńsì rẹ lè pè é tàbí kí ó pe asúráńsì rẹ̀. Bákan náà ni àna: ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ wà nínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n wà ní ìlà tààrà, àmọ́ àna ẹ̀gbọ́n obìnrin wa, tí ó wá bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí níbẹ̀ rárá. Mo máa ń rò pé bí ó bá jẹ́ àwọn baba wa ni ó kọ òfin yìí, gbólóhùn náà ìbá gùn jù báyìí lọ.

Kí àwọn tí kò ní asúráńsì onígbogbo-ewu má rò pé a ti gbàgbé wọn. Bí ó bá jẹ́ asúráńsì dandan nìkan ni obìnrin náà ní, asúráńsì tirẹ̀ kò ní san nǹkan kan lórí ọkọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí ìgbapò kankan. Gbogbo 1.500.000 wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ̀wé sí asúráńsì ọkọ̀ akẹ́rù. Ìwé pélébé àwọn àgbà yóò ṣe é ní ibi kan náà, torí pé òun nìkan ni ó ń fi owó ara rẹ̀ tọrẹ.

Asúráńsì kan sì wà tí ìgbapò kò dé rárá, àní lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó: èyí tí a rà lórí ẹ̀mí ènìyàn tàbí lórí ìfarapa rẹ̀, tí wọ́n ti dá iye owó kan lé. Bí awakọ̀ obìnrin náà bá ní irú èyí, tí ó sì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú jàǹbá náà, yóò gba owó tí wọ́n dá lé e, yóò sì tún gba ohun tí ó tọ́ sí i lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é léṣe. Asúráńsì ẹ̀mí kò ní sọ pé kí ó mú ọ̀kan wá. Ọkọ̀ ni a lè díye lé títí dé fáráńkì ìkẹyìn, kí a sì mọ ìgbà tí òfò rẹ̀ ti tán. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò ní irú iye bẹ́ẹ̀.

Bí ìwé kan bá wà lọ́wọ́ yín nísinsìnyí tí asúráńsì ní kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ wo nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀ kí ẹ tó mú bírò: ọjọ́ jàǹbá náà, iye owó tí wọ́n san gan-an, àti bóyá ẹ̀tọ́ tí ẹ ń gbé fún wọn kò ju iye náà lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ni ó mú ìwé wá, tí í ṣe ẹni tí ó gbá yín tàbí àwọn tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ asúráńsì yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.